Orí Keje: Àkọlé àti Àlàyé Ilé Àlejò Lórí Ojú Òpó Ìgbàyàrá, Pẹ̀lú Àpẹẹrẹ Láti Ìta Fàájì

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ọ̀rọ̀ náà sì bá ẹni tí ó ní ilé àlejò mu gan-an, nígbà tí ó bá jókòó láti kọ àkọlé tí ilé rẹ̀ yóò máa jẹ́ lórí ojú òpó tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń gba yàrá. Nítorí pé àkọlé náà ni orúkọ tí àjèjì tí kò tí ì fẹsẹ̀ tẹ Èkó rí yóò kọ́kọ́ mọ ilé náà mọ́, ó sì lè jẹ́ pé òun nìkan ni yóò rí kí ó tó kọjá lọ sí ilé ẹlòmíràn. Nínú orí yìí, ilé kan ṣoṣo ni a ó mú, a ó sì tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. A gbé e kalẹ̀ sí Ìta Fàájì, ní Erékùṣù Èkó, ní Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n, Èkó arómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀. Ilé náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni: orí ìwé ni a kọ́ ọ sí nítorí ẹ̀kọ́, a sì sọ ẹni tí ó ni ín ní Alhaja Onílé, ṣùgbọ́n àdúgbò tí ó yí i ká àti òfin ojú òpó tí a ó mẹ́nu bà, òtítọ́ ni wọ́n.

Ilé alájà ni ilé Alhaja. Àjà kejì ni ó yà sọ́tọ̀ fún àlejò: yàrá méjì, balùwẹ̀ méjì, pálọ̀ kan àti ilé ìdáná kékeré. Ó ní ínfátà, ó ní jẹnẹrétọ̀, éésì wà nínú yàrá méjèèjì, Wáìfáì sì wà. Àkọlé tí ó kọ́kọ́ kọ nìyí, lẹ́tà ńláńlá ni ó sì fi kọ ọ́:

ILÉ ÀLEJÒ ALÁRÀBARÀ, Ó DÁRA JÙ LỌ NÍ ÈKÓ!!!

Kò sí irọ́ tí a lè tọ́ka sí nínú rẹ̀, nítorí pé kò sí ohun kan tí a lè wọ̀n nínú rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ gan-an nìyẹn. Kí a tó tún un kọ, ó yẹ kí a mọ bí ojú òpó ṣe ń ka ohun tí onílé bá kọ.

Ibi mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ ń gbé

Ẹni tí ó kọ́kọ́ ń ka ìpolówó ilé àlejò kì í ṣe ènìyàn rárá, ẹ̀rọ ni. Nígbà tí oníṣòwò kan bá jókòó ní Kùtọnu, tí ó ń wá ibi tí yóò sùn ní Èkó fún òru mẹ́ta, ohun tí ó ń ṣe ni pé ó kọ orúkọ ìlú àti ọjọ́ sí ojú òpó, lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ kan àwọn àpótí kéékèèké tí a kọ ohun ìrọ̀rùn sí lára: éésì, Wáìfáì, ilé ìdáná, ẹ̀rọ ìfọṣọ, ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àwọn àpótí wọ̀nyí ni asẹ́ tí a fi ń jọ elùbọ́: ohun tí kò bá gba ojú wọn kọjá kò ní dé inú igbá. Bí Alhaja bá ti kọ ọ́ sínú àlàyé rẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá pé éésì wà nínú yàrá òun, ṣùgbọ́n tí ó gbàgbé láti fi àmì sí àpótí éésì nígbà tí ó ń to ilé rẹ̀ sórí Airbnb, ilé rẹ̀ kò ní hàn sí oníṣòwò náà, nítorí pé àpótí ni asẹ́ ń wò, kì í ka àlàyé.

Ibi kejì ni àkọlé, tí ó máa ń jókòó pẹ̀lú àwòrán àkọ́kọ́ àti iye owó láàárín ọ̀pọ̀ ilé mìíràn tí wọ́n ti gba ojú asẹ́ náà kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti sọ ohun gbogbo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ìdí tí ojú yóò fi dúró sí ilé yìí, nígbà tí ilé mẹ́wàá mìíràn ti ní éésì àti Wáìfáì bákan náà. Ibi kẹta ni àlàyé, tí ẹni tí ó ti wọlé láti wo ilé náà dáadáa máa ń kà, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni láti tú iyèméjì tí ó kù sílẹ̀ lọ́kàn rẹ̀.

Ojú òpó kọ̀ọ̀kan ní àṣà tirẹ̀. Airbnb, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2008 ní Amẹ́ríkà, fún onílé ní ààyè ààmì 50 fún àkọlé àti ààmì 500 fún àlàyé àkọ́kọ́, ó sì gba onílé nímọ̀ràn pé kí ó má ṣe fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo ọ̀rọ̀, kí ó má ṣe fi àwòrán kéékèèké tàbí àmì ìyanu ṣe àkọlé lọ́ṣọ̀ọ́, kí ó má sì tún orúkọ ìlú kọ, nítorí pé ojú òpó fúnra rẹ̀ ti ń fi orúkọ ìlú hàn. Booking.com, tí ó ti pẹ́ jù ú lọ, tí wọ́n sì dá sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Netherlands ní ọdún 1996, kì í sábà jẹ́ kí onílé kọ àlàyé fúnra rẹ̀: láti inú àpótí tí onílé ti fi àmì sí ni ojú òpó náà ti ń hun gbólóhùn. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì fi àmì sí ibi ìgbọ́kọ̀sí lórí rẹ̀ yóò bá a tí a ti kọ gbólóhùn kan ní orúkọ rẹ̀ pé ilé rẹ̀ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, òun ni yóò sì dáhùn nígbà tí àlejò bá fi ọkọ̀ sáré wọ òpópónà tóóró kan ní alẹ́, tí kò rí ibi tí yóò gbé e sí.

Ọ̀rọ̀ kan wà lórí kíka ààmì tí ó kan àwa tí a ń kọ èdè Yorùbá. Kì í ṣe lẹ́tà nìkan ni ẹ̀rọ ń kà. Ó ń ka àlàfo àti àmì ìdánudúró pẹ̀lú, lẹ́tà tí ó bá sì ní àmì lábẹ́ àti lókè lẹ́ẹ̀kan náà, bí irú ẹ́ tàbí ọ̀, lè di méjì lójú rẹ̀, nítorí pé lẹ́tà àti àmì òkè ni ó tọ́jú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àkọlé tí ẹni tí ó kọ ọ́ kà sí 47 lè kọjá 50 lójú ẹ̀rọ, kí ìrù rẹ̀ sì gé kúrò. Ọ̀pọ̀ onílé ní Èkó ni ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ tiwọn nítorí àlejò tí ń ti òkèèrè bọ̀. Ọgbọ́n tí a ń kọ́ níhìn-ín kò yàtọ̀ fún èdè méjèèjì, Yorùbá ni a ó sì fi kọ àpẹẹrẹ tiwa.

Iná ni ó ṣáájú

Àwọn tí ó to àwọn àpótí wọ̀nyí gbé ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè bóyá iná wà. Nítorí náà wọ́n ṣe àpótí fún ẹ̀rọ tí ń gbẹ irun àti èyí tí ń mú ilé móoru, nígbà tí ó jẹ́ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹni tí ó mọ Èkó ń fi ránṣẹ́ sí onílé ni èyí: "Ẹ káàsán o, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iná dúró dáadáa lọ́dọ̀ yín?" Ìdí nìyẹn tí àkọlé ilé àlejò ní Èkó fi ní iṣẹ́ kan tí àkọlé ilé àlejò ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní: òun ni ó gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ iná tí asẹ́ kò gbé. Kò sì yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ àkọlé ilé àlejò Èkó ni ó ń ṣèlérí iná tọ̀sán-tòru.

Ìlérí náà rọrùn láti kọ, kò rọrùn láti mú ṣẹ. Kí Alhaja tó kọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ fi ìṣirò wá a. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni àjọ tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà ti gbé owó iná lé àwọn tí ó wà ní ìpele àkọ́kọ́, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Báńdì Éè, lórí àdéhùn pé wọn yóò máa rí iná fún ó kéré tán 20 wákàtí lójúmọ́. Báńdì Bíì jẹ́ 16, Báńdì Síì sì jẹ́ 12. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé Báńdì Éè ni ilé Alhaja wà. Bí àdéhùn bá ṣẹ, wákàtí mẹ́rin ni kò ní sí iná lójúmọ́, wákàtí mẹ́rin yìí ni ínfátà sì gbọ́dọ̀ dí.

Bátìrì Alhaja gba kílówáàtì-wákàtí márùn-ún. Kò yẹ kí a fa gbogbo rẹ̀ gbẹ, ínfátà fúnra rẹ̀ a sì máa jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà a ó ka mẹ́rin, èyí tí í ṣe 4,000 wáàtì-wákàtí. Gílóòbù mẹ́fà ń jẹ wáàtì 60, fáànù méjì ń jẹ 140, tẹlifíṣọ̀n 80, ẹ̀rọ Wáìfáì 10, fíríìjì sì ń jẹ bí 60 bí a bá pín in yí ọjọ́ ká, nítorí pé kì í ṣiṣẹ́ láìsinmi. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 350. Bí a bá fi 350 pín 4,000, a ó rí i pé bátìrì náà yóò gbé wọn fún wákàtí mọ́kànlá ó lé díẹ̀. Èyí ju mẹ́rin lọ dáadáa.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí àlejò tan éésì kan, èyí tí ń jẹ bí wáàtì 850. Àpapọ̀ di 1,200, bátìrì tí ó ń lo wákàtí mọ́kànlá sì di èyí tí yóò kú lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú. Bí àlejò yàrá kejì bá tan tirẹ̀ pẹ̀lú, kò ní pé wákàtí méjì. Ibí yìí ni gbogbo ìjà tí ó ń wà láàárín onílé àti àlejò lórí iná ti ń bẹ̀rẹ̀: onílé kọ "iná tọ̀sán-tòru", gílóòbù ni ó ní lọ́kàn, àlejò kà á, éésì ni ó gbọ́. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn, síbẹ̀ ọ̀kan nínú wọn yóò sùn nínú ooru.

Nítorí náà Alhaja pín ìlérí rẹ̀ sí méjì. Ohun tí ínfátà ń gbé, kò ní kú rárá. Éésì yóò ṣiṣẹ́ nígbà tí iná ìjọba bá wà, àti láti aago méje alẹ́ títí di aago mẹ́fà àárọ̀, nítorí pé jẹnẹrétọ̀ wà nílẹ̀ fún wákàtí wọ̀nyẹn. Ìwọ̀nyí ni wákàtí tí àlejò ń sùn, àwọn ni ó sì ṣe pàtàkì jù sí i. Bí ó bá jẹ́ pé Báńdì Síì ni ilé náà wà, tí iná lè lọ fún wákàtí méjìlá, wákàtí mọ́kànlá bátìrì náà kò ní tó, kò sì tọ́ kí Alhaja kọ pé iná òun kì í kú àfi bí ó bá fi jẹnẹrétọ̀ dí ohun tí ó kù. Kí onílé má ṣe fi ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́tíríìkì nìkan ṣe ẹ̀rí: kí ó kọ àkókò tí iná lọ àti èyí tí ó dé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó sì gba èyí tí ó burú jù lọ nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n.

Wáìfáì náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọmọ Èkó tí ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ wálé ní oṣù Kejìlá, tí ó sì ní ìpàdé iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, nílò bíi mẹ́gábíìtì mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí ojú rẹ̀ lè hàn ketekete; kì í sì í ṣe èyí tí ń wọlé nìkan, bí kò ṣe èyí tí ń jáde pẹ̀lú, tí ó sábà máa ń kéré jù. Orí ibùsùn ni kí a ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tí ó wà ní pálọ̀, nítorí pé ògiri ilé àtijọ́ nípọn. Kí ó sì jẹ́ láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò ń lò ó. Iye tí ó bá kéré jù lọ ni kí onílé fọkàn tán.

Àdúgbò tí a ń sọ

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ń ríran. Orúkọ Ìta Fàájì kò sì lè sọ ohunkóhun fún ẹni tí kò mọ Èkó. Ohun tí arìnrìn-àjò mọ̀, tí ó sì ń wá, ni orúkọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà: ọjà Balógun, Ìdúmọ̀tà, Màrínà, tàbí ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tí ó wà ní òpópónà Massey. Àdúgbò yìí kún fún ìtàn. Ìtòsí rẹ̀ ni Pópó Àgùdà wà, níbi tí àwọn tí ó ti oko ẹrú Bràsíìlì àti Kúbà padà dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún tẹ̀dó sí, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé olójú-fèrèsé-aláràbarà tí díẹ̀ nínú wọn ṣì dúró. Àgbàlá Freedom Park, tí ó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà ìjọba àwọn òyìnbó kí wọ́n tó sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ ní ọdún 2010, wà ní ìrìn ẹsẹ̀, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni rélùwéè sì ti ń kó èrò láti Màrínà lọ sí Mile 2. Ohun rere ni gbogbo èyí jẹ́ fún ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́.

Onílé tí kò bá kíyè sára yóò kọ Ikoyi tàbí Victoria Island, nítorí pé ó gbọ́ pé ibẹ̀ ni àwọn olówó ń wá. Àlejò yóò rí i lórí àwòrán ilẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, tàbí, èyí tí ó burú jù, yóò dé kí ó tó rí i. Ohun tí ó tọ́ ni kí a kọ Erékùṣù Èkó, kí a sì dárúkọ ọjà Balógun, nítorí pé oníṣòwò tí ó wá ra aṣọ kò fẹ́ sùn ní Ikoyi. Ó fẹ́ jí ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí ó sì fẹsẹ̀ rìn dé ìsọ̀ kí gọ̀-slòó tó bẹ̀rẹ̀. Kí onílé má ṣe fojú bu ìrìn náà. Kí ó rìn ín fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú aago lọ́wọ́, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà tí ọmọlanke àti alárùú dí gbogbo ọ̀nà, lẹ́ẹ̀kan ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí ó sì kọ èyí tí ó pẹ́ jù.

Àbùkù àdúgbò náà kò ṣeé fi pamọ́. Òpópónà Ìsàlẹ̀ Èkó àti agbègbè rẹ̀ tóóró. Àwọn ọmọ Èkó fẹ́ràn òde àríyá, bí wọ́n bá sì ta àtíbàbà sí ojú títì ní òpin ọ̀sẹ̀, ìlù lè dún di òru. Ìrun àsùbáà ń pe ènìyàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Onílé tí ó fi èyí pamọ́ yóò gba àlejò tí kò yẹ kí ó gbà, ẹni tí ó wá sinmi ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹni náà ni yóò sì kọ èrò tí ó korò jù lọ. Onílé tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ yóò rí i pé àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé nítorí òde àríyá gan-an ni wọ́n ṣe ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kékeré mú. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà lókè rẹ̀ wó lulẹ̀ ní Ìta Fàájì, ó sì pa àwọn ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí ọjọ́ náà, tí ó wá rí àwòrán ilé alájà ní àdúgbò yìí, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí ilé náà ṣe lágbára sí. Kí onílé má ṣe kọ "ilé tí ó dúró ṣinṣin" sínú àlàyé, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gba ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá ti yẹ ilé náà wò, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì wà, kí ó kọ ọdún tí a gba ìwé náà, kí ó sì gbé e há sí ibi tí àlejò yóò ti rí i. Bí kò bá sí ìwé, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti àkọlé: kí ó pe àwọn tí ń yẹ ilé wò kí ó tó gba àlejò kankan.

Àkọlé àti àlàyé tuntun

Nígbà tí Alhaja ti wọ̀n gbogbo nǹkan wọ̀nyí tán, kíkọ kò gbà á ní àkókò mọ́. Àkọlé rẹ̀ nìyí:

Yàrá 2, iná kì í kú, Wáìfáì, nítòsí Balógun

Bí a bá ka lẹ́tà, àlàfo àti àmì ìdánudúró rẹ̀, 43 ni, ìyẹn ni pé ó ku méje kí ó tó pé 50. Kò sì sí lẹ́tà kan nínú rẹ̀ tí ó ní àmì lábẹ́ tí ẹ̀rọ lè kà ní méjì. Iye yàrá ni ó ṣáájú, nítorí pé ẹni tí ó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀ kò ní dúró wo ilé oníyàrá kan. Iná tẹ̀ lé e nítorí ohun tí a ti sọ. Orúkọ ọjà ni ó kẹ́yìn, kò sì sí Èkó nínú rẹ̀, nítorí pé ojú òpó ti kọ ọ́. Kò sí "aláràbarà" níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí "dára jù lọ": kò sí arìnrìn-àjò tí ń wá ọ̀rọ̀ méjèèjì, àwòrán sì ni ó yẹ kí ó sọ wọ́n.

Àlàyé tí ó tẹ̀ lé e kò dé ààmì 500:

Yàrá méjì àti balùwẹ̀ méjì ní àjà kejì, Ìta Fàájì, Erékùṣù Èkó. Gílóòbù, fáànù, fíríìjì àti Wáìfáì kì í kú rárá. Ínfátà ń gbé wọn bí iná bá lọ. Éésì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná ìjọba bá wà, àti láti aago méje alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ lórí jẹnẹrétọ̀. Omi gbígbóná wà ní balùwẹ̀ méjèèjì. Ẹsẹ̀ la fi ń dé ọjà Balógun àti ibùdó rélùwéè Màrínà. Kò sí ibi ìgbọ́kọ̀sí nínú ọgbà. Àtẹ̀gùn la ń gùn dé òkè. Ariwo òde àríyá a máa wà lópin ọ̀sẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé gbólóhùn mẹ́ta tí ó kẹ́yìn sọ ohun tí kò sí tàbí ohun tí ó lè bí àlejò nínú, a kò sì fi wọ́n sí ìsàlẹ̀ nítorí pé a fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú fò wọ́n. Àtẹ̀gùn ṣe pàtàkì fún oníṣòwò tí yóò gbé ẹrù aṣọ wálé ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ fún màmá àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ ń dùn. Fún ibi ìgbọ́kọ̀sí, Airbnb ya èyí tí ó wà nínú ọgbà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó wà ní ojú títì, Alhaja kò sì fi àmì sí ìkankan nínú wọn. Bí kámẹ́rà ìṣọ́lé bá wà ní ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ti inú ilé kò sí ní àyè mọ́, nítorí pé láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni Airbnb ti fòfin dè é pátápátá, ìbáà jẹ́ pálọ̀.

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, ni àwọn baba wa sọ. Ṣùgbọ́n lórí ojú òpó ìgbàyàrá, èké náà kì í pẹ́ tà. Àlejò Airbnb tí ó bá bá ohun tí kò bá àlàyé mu ní wákàtí 72 láti ìgbà tí ó ti rí i láti fi ẹjọ́ sùn, ó sì lè gba owó rẹ̀ padà. Bí ó bá sì ń lọ, wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí àlàyé onílé ṣe bá òtítọ́ mu tó, wọn yóò sì fi máàkì sí i lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti ìmọ́tótó àti ti àdúgbò.

Bí a ṣe ń mọ ibi tí àbùkù wà

Lẹ́yìn tí ìpolówó bá ti wà níta fún oṣù kan, kí onílé wo iye ènìyàn tí ó rí ilé náà àti iye tí ó gbà á, nítorí pé ojú òpó máa ń fi méjèèjì hàn án. Bí àwọn tí ó rí i bá kéré, àpótí ni kí ó kọ́kọ́ tún yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà àkọlé: ó ṣeé ṣe kí asẹ́ ti gbé e dànù. Bí ọ̀pọ̀ bá rí i tí wọ́n sì ń wọlé wò ó, ṣùgbọ́n tí wọn kò gbà á, kí ó wo àwòrán, iye owó àti àlàyé. Bí wọ́n bá ń gbà á, tí máàkì òtítọ́ àlàyé sì ń lọ sílẹ̀, ìlérí ni ó pọ̀ jù, kí ó lọ dín in kù kí ó tó ra ohunkóhun kún ilé.

Àmì tí ó dájú jù lọ sì ni ìbéèrè tí àwọn àlejò ń tún béèrè. Bí ẹni mẹ́ta bá ti béèrè lọ́wọ́ Alhaja pé, "Mà, ṣé a lè gbé ẹrù sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín lẹ́yìn tí a bá ti kúrò nínú yàrá?", kí ó má ṣe dáhùn ẹni kẹrin nìkan. Kí ó fi gbólóhùn kan kún àlàyé rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ mìíràn ní ìbéèrè náà lọ́kàn, tí wọn kò béèrè, tí wọ́n sì lọ gba ilé ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yan ilé kan ní àdúgbò rẹ̀ tí onílé bá gbà fún un, kí ó kọ àkókò iná sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó wọ̀n Wáìfáì lórí ibùsùn ní alẹ́, kí ó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà ọjà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà kí ó kọ àkọlé tí kò ju ààmì 50 lọ àti àlàyé tí kò ju 500 lọ. Kí ó so ìwé ìwọ̀n rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Àlàyé tí kò bá ní ìwé ìwọ̀n kò ní gba máàkì.